Ìdána nìkan la ṣe, ṣé bàbá mi lè búra pé mi ò tíì lọ́kọ rí?

Ìbéèrè: Ẹ káàsán sà. Ítálì ni mo wà, èmi àti ẹni tá a jọ ń gbé fẹ́ ṣègbéyàwó ní kómúnè, ìyẹn ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ wọn níbí. Wọ́n ní kí n mú àfídáfíìtì wá láti ilé pé mi ò lọ́kọ. Ní 2016 wọ́n ṣe ìdána fún mi n'Íbàdàn, a ò dé rẹ́jísírì, a ò bímọ, a ti pínyà láti 2018. Bàbá mi ní àwọn á lọ búra pé mi ò tíì lọ́kọ rí. Ṣé kò séwu níbẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ káàsán mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pe Bàbá lónìí kẹ́ ẹ ní kí wọ́n má tíì lọ. Pé wọ́n fẹ́ búra fún yín kọ́ ló burú o, òfin gbà á, òbí tàbí ẹ̀gbọ́n tó mọ ọ̀rọ̀ yín dunjú lè búra n'Íbàdàn nígbà tẹ́yin wà l'Ítálì. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló burú níbẹ̀, "rí" yẹn. "Kò lọ́kọ" yàtọ̀ sí "kò tíì lọ́kọ rí". Èkejì yẹn irọ́ ni, orí ìbúra ni Bàbá sì ti máa pa á, àwọn ni òfin máa mú kó tó kan ẹ̀yin.

Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé ìgbà téèyàn bá dé rẹ́jísírì ló tó lọ́kọ. Lójú òfin Nàìjíríà kò rí bẹ́ẹ̀, ìgbéyàwó ìbílẹ̀ ìgbéyàwó gidi ni. Tó bá jẹ́ mọ̀mí-n-mọ̀ọ́ lẹ ṣe, tí ẹbí kàn wá kí ara wọn, mi ò bá ní kẹ́ ẹ máa lọ. Àmọ́ tí àwọn òbí yín ti gbà, tí wọ́n gbé ẹrù ìdána wá pẹ̀lú owó orí, tí wọ́n wá fa yín lé ọkọ lọ́wọ́, ẹ ti délé ọkọ nìyẹn. Ẹnì kan á sọ pé "àwọn bàbá mi dá owó orí padà lójú agbo, wọ́n ní àwọn ò ta ọmọ." Ìyẹn ò tú nǹkan kan ká o, ńṣe ni wọ́n yọ̀ǹda owó, wọn ò yọ ọmọ wọn kúrò nínú ìgbéyàwó.

Pípínyà láti 2018 náà ò tíì tú u. Àwọn ẹbí méjèèjì lè jókòó kí wọ́n tú u láàárín ara wọn, àṣà mọ ìyẹn, ṣùgbọ́n kò sí ìwé tẹ́ ẹ máa rí mú lọ sí ẹ́ḿbásì wa ní Róòmù látinú ìjókòó bẹ́ẹ̀. Kọ́ọ̀tù ìbílẹ̀, tá à ń pè ní kọ́sítọ́márì, ni kẹ́ ẹ lọ, èyí tó wà ládùúgbò tí ọkọ àtijọ́ ń gbé ni wọ́n sábà máa ń lò. Ẹ wá lọ́yà kan n'Íbàdàn tó máa bá yín pe ẹjọ́ náà, kó sì bi wọ́n ní kọ́ọ̀tù bóyá wọ́n á gba mọ̀lẹ́bí kan láti dúró fún yín torí pé ẹ ò sí nílé, àwọn adájọ́ ibẹ̀ ló ń pinnu ìyẹn. Tí ọkọ àtijọ́ náà bá gbà pé ó ti parí, tí kò sì sí ọmọ tẹ́ ẹ máa jà lé lórí, ẹjọ́ yẹn kì í le. Ohun tẹ́ ẹ nílò lẹ́yìn rẹ̀ ni ẹ̀dà ìdájọ́ tí rẹ́jísírà fọwọ́ sí, tó lù ní òǹtẹ̀ pé ojúlówó ẹ̀dà ni, fótókópì lásán ò ní ṣiṣẹ́.

Níbí ni mo ti fẹ́ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ kà, torí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń bá èèyàn ṣe ìwé yìí nílé ò mọ̀ ọ́n. Òfin Ítálì ní obìnrin tí ìgbéyàwó rẹ̀ tú ká gbọ́dọ̀ dúró fún 300 ọjọ́ kó tó fẹ́ ẹlòmíì, kí wọ́n má baà ṣi bàbá ọmọ mọ̀ tó bá jẹ́ pé oyún wà nílẹ̀, òfin yìí sì mú àlejò bó ṣe mú ọmọ onílẹ̀. Ká ní ìdájọ́ yín jáde ní ọjọ́ kejì oṣù Máàṣì 2026, 300 ọjọ́ yẹn á pé ní ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù Dìsẹ́ńbà 2026. Ẹ má sanwó gbọ̀ngàn kẹ́ ẹ tó ka ọjọ́ yìí. Ọ̀nà àbáyọ wà ṣá o, kọ́ọ̀tù Ítálì lè yọ̀ǹda yín kó tó pé tẹ́ ẹ bá fi hàn pé ẹ̀yin àti ọkọ àtijọ́ ò jọ gbé láàárín 300 ọjọ́ tó ṣáájú ìdájọ́, tàbí pé kò sí oyún, ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ti pínyà láti 2018 lẹ lè rí ẹ̀rí ìyẹn kó jọ dáadáa, kódà ìwé ilé tẹ́ ẹ ń gbé l'Ítálì náà á sọ̀rọ̀. Torí náà, ẹ ní kí lọ́yà yín rí i pé ọdún tẹ́ ẹ pínyà wọnú ìdájọ́ yẹn.

Ìgbà tí ìdájọ́ bá ti wà lọ́wọ́ ni kí Bàbá tó lọ sí rẹ́jísírì Háì Kọ́ọ̀tù lọ búra níwájú kọmíṣọ́nà tó ń gba ìbúra. Wọ́n á sọ orúkọ wọn, iṣẹ́ wọn, àdírẹ́sì àti pé ọmọ Nàìjíríà ni wọ́n, wọ́n á sọ pé ọmọ bíbí inú wọn ni yín, lẹ́yìn náà ni ojúlówó ọ̀rọ̀: pé ẹ ti fẹ́ ẹnì kan rí nílànà ìbílẹ̀ n'Íbàdàn lọ́dún 2016, pé kọ́ọ̀tù báyìí tú u ká lọ́jọ́ báyìí, pé láti ọjọ́ náà ẹ ò tíì fẹ́ ẹlòmíì, ìbáà jẹ́ nílé, ní ṣọ́ọ̀ṣì, ní mọ́sáláṣí tàbí ní rẹ́jísírì, àti pé àwọn ò mọ ohunkóhun tó dí yín lọ́wọ́ láti lọ́kọ. Ẹ̀dà ìdájọ́ á wà lẹ́yìn rẹ̀. Orúkọ yín gbọ́dọ̀ bá ti pásípọ́ọ̀tù mu létà sí létà, orúkọ àárín náà ò gbọ́dọ̀ sọnù, mo ti rí ibi tí wọ́n ti dá ìwé padà torí pé "Kẹ́hìndé" wà ní pásípọ́ọ̀tù tí kò sí nínú àfídáfíìtì. Ẹ ní kí Bàbá gba rìsíìtì kọ́ọ̀tù o, kí wọ́n sì fọwọ́ ara wọn sáìnì níwájú kọmíṣọ́nà, kí wọ́n má gbé e fáwọn ọmọ tó ń dúró lẹ́nu géètì pé "Bàbá, ẹ jókòó, a máa bá yín gbé e jáde." Ìwé tí ẹnikẹ́ni ò búra fún nìyẹn.

Láti kọ́ọ̀tù, ìwé náà á lọ sí mínísírì tó ń rí sọ́rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè kí wọ́n jẹ́rìí sí òǹtẹ̀ rẹ̀, kó tó wá bá yín. Ẹ́ḿbásì Nàìjíríà ní Róòmù á wá fi ṣe ìwé tí àwọn ará Ítálì ń pè ní núlà ósítà, ìyẹn ìwé pé kò sí ohun tó dí yín lọ́wọ́ láti ṣègbéyàwó, ẹ máa gbé ìyẹn lọ sí pẹrẹfẹtúrà, ọ́fíìsì ìjọba àpapọ̀ Ítálì tó wà ládùúgbò yín, kí wọ́n fọwọ́ sí i, lẹ́yìn náà kómúnè. Oṣù mẹ́fà ni wọ́n sábà máa ń fún núlà ósítà, nítorí náà ẹ má sáré gbà á nígbà tí 300 ọjọ́ yín ṣì kù rẹpẹtẹ, àsìkò rẹ̀ á ti tán kí ọjọ́ ìgbéyàwó tó dé.

Ẹnì kan wá sí ọ́fíìsì mi lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn, ìyá rẹ̀ ti búra pé kò tíì lọ́kọ rí. Nígbà tó kọ́kọ́ dé Ítálì, tí wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò lórí pémíìtì ìgbélùú, ó ti fẹnu ara rẹ̀ sọ fún wọn pé òun ní ọkọ nílé, ó sì wà nínú fáìlì. Ìwé méjèèjì ta kora, wọ́n dá ọ̀rọ̀ rẹ̀ dúró, àtúnṣe yẹn sì gbà wá ní ọdún kan ó lé. Nítorí náà kẹ́ ẹ tó ṣe ohunkóhun, ẹ wá gbogbo fọ́ọ̀mù tẹ́ ẹ ti kọ látọjọ́ tẹ́ ẹ ti kúrò nílé jáde, fọ́ọ̀mù físà, ti pémíìtì, gbogbo ẹ̀, kẹ́ ẹ wo ohun tẹ́ ẹ kọ síbi tí wọ́n ti bèèrè bóyá ẹ lọ́kọ, kẹ́ ẹ sì fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí lọ́yà yín kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ nǹkan kan.