Ẹ̀dọ̀fóró tó dí àti ẹ̀dọ̀fóró tó súnkì

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Bébà àyẹ̀wò èémí bàbá mi rèé: FVC 2.40 (62%), FEV1 1.80 (60%), FEV1/FVC 0.75, FET 3.1. Ẹni ọdún 66 ni wọ́n, wọ́n mu sìgá gan-an nígbà kan. Dókítà kan ní ẹ̀dọ̀fóró wọn ti súnkì, èkejì ní ọ̀nà èémí wọn ló dí. Ṣé ohun kan náà kọ́ ni àwọn méjèèjì ń sọ?"

Rárá o. Ẹni tó ní "ó dí" ń sọ̀rọ̀ nípa ojú ọ̀nà. Ẹni tó ní "ó súnkì" ń sọ̀rọ̀ nípa àyè inú ilé. Ẹ fi kèrègbè méjì sọ́kàn. Ọ̀kan tóbi, àmọ́ ọrùn rẹ̀ tín-ín-rín. Tẹ́ ẹ bá dojú rẹ̀ délẹ̀, omi á máa ṣàn díẹ̀díẹ̀, ẹ ó dúró títí kó tó tán. Èkejì kéré, ọrùn rẹ̀ sì fẹ̀; omi inú rẹ̀ á dà wàà, ó tán. Tó bá jẹ́ omi tó kọ́kọ́ dà nìkan lẹ wò, ó lè jẹ́ iye kan náà lẹ máa rí lára méjèèjì. Ìdí nìyẹn tí nọ́ńbà kan ò fi tó.

FVC ni gbogbo afẹ́fẹ́ tí bàbá rí tú jáde lẹ́yìn tí wọ́n mí sínú dé góńgó, tí wọ́n wá fi gbogbo agbára fẹ́ ẹ síta títí kò fi kù mọ́. FEV1 ni èyí tó jáde nínú rẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá àkọ́kọ́. Lítà ni wọ́n fi ń ka méjèèjì. Nọ́ńbà tó wà nínú àkámọ́ ń sọ ibi tí tiwọn dé sí lára iye tí wọ́n ń retí lọ́dọ̀ ọkùnrin tó jẹ́ ọjọ́ orí wọn, tó sì ga tó wọn. Lẹ́tà VC tó wà nínú FVC ní ìtàn díẹ̀. John Hutchinson, oníṣègùn ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló sọ ọ́ ní "vital capacity" ní 1846, ìtumọ̀ rẹ̀ sì sún mọ́ "àyè ẹ̀mí", torí ó gbà pé iye afẹ́fẹ́ tí ènìyàn lè tú jáde máa ń sọ bí ẹ̀mí rẹ̀ ṣe máa gùn tó. Àwa tí "èémí" àti "ẹ̀mí" jọ wà lẹ́nu wa, ọ̀rọ̀ yẹn ò lè ṣàjèjì sí wa.

Tí ọ̀nà bá dí, bíi ti ikọ́ fée tí wọ́n ń pè ní asthma tàbí ti ẹni tí èéfín sìgá ti ba ẹ̀ka ọ̀nà èémí rẹ̀ jẹ́, FEV1 á já wálẹ̀ ju FVC lọ. Afẹ́fẹ́ wà níbẹ̀, kò kàn lè yára jáde ni. Tẹ́ ẹ bá wá fi FVC pín FEV1, ohun tẹ́ ẹ máa rí á kéré. Ọ̀pọ̀ dókítà ló ń lo 0.70 gẹ́gẹ́ bí ààlà, àmọ́ ìpín yìí máa ń dín kù fúnra rẹ̀ bí ènìyàn ṣe ń dàgbà, nítorí náà ààlà ìsàlẹ̀ tí ẹ̀rọ tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, LLN, ló tọ́ sí i jù.

Tó bá jẹ́ pé ó súnkì, méjèèjì á jọ lọ sílẹ̀ ni. FVC lè jẹ́ 2.40, kí FEV1 jẹ́ 2.05, ìpín wọn á sì jẹ́ 0.85. Ẹ̀dọ̀fóró tí àpá ti mú kó le koránkorán máa ń ti afẹ́fẹ́ jáde kíákíá, ìyẹn ló fi máa ń ga báyẹn. Kí n sọ ọ́ bó ṣe rí lọ́kàn mi: èmi ò fẹ́ràn ọ̀rọ̀ "súnkì" yẹn. Ẹ̀yìn tó ti wọ́, iṣan mímí tí kò lágbára mọ́, ikùn tó tóbi jù, gbogbo wọn lè dín FVC kù nígbà tí ohunkóhun ò ṣe ẹ̀dọ̀fóró fúnra rẹ̀. "Kò gbà tó" ló bá a mu.

Ẹ jẹ́ ká wá padà sórí bébà bàbá. FVC kéré, FEV1 kéré, ìpín wà lókè 0.70. Ẹni tó bá kà á báyẹn á ní kò gbà tó, ohun tí dókítà àkọ́kọ́ sì sọ nìyẹn. Àmọ́ ẹ wo FET 3.1. Ìṣẹ́jú àáyá tí wọ́n fi fẹ́ afẹ́fẹ́ náà ni. Kèrègbè ọlọ́rùn tín-ín-rín ò lè tán láàárín ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta! Ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ rí i pé afẹ́fẹ́ tó ń jáde ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dáwọ́ dúró, ìyẹn ni pé kò tó mílílítà 25 ní odindi ìṣẹ́jú àáyá kan, tàbí kí ènìyàn ti fẹ́ ẹ dé ìṣẹ́jú àáyá 15. Ẹni tó bá dúró ṣáájú ìyẹn, afẹ́fẹ́ tó kù nínú rẹ̀ ò wọ ìṣirò. FVC á kéré lórí irọ́, ìpín á sì wá dà bíi ti ara líle. FEV1 ní tiẹ̀ kì í yí padà, torí ìṣẹ́jú àáyá àkọ́kọ́ ti kọjá kí ẹni náà tó dúró.

Mo ti ṣe irú àyẹ̀wò yìí fún bàbá kan tí nọ́ńbà rẹ̀ jọ èyí gan-an. Bó bá ti fẹ́ ẹ díẹ̀, ikọ́ á yọ ọ́ lọ́nà, á yọ ẹnu kúrò, á ní ó ti tán. Mo jẹ́ kó sinmi, mo fún un lómi, mo dúró tì í, mo ń pariwo pé, "Ẹ má dúró, bàbá, ẹ ṣì ní i, ẹ máa tì í, ẹ máa tì í!" Ìṣẹ́jú àáyá 11 ló fi fẹ́ ẹ. FEV1 ò kúrò ní 1.80, àmọ́ FVC di 3.10. Ẹ fi 3.10 pín 1.80, ó di 0.58. Mo tún ní kó ṣe òmíràn, ó bọ́ sí 3.02, ìyàtọ̀ wọn ò ju mílílítà 150 tí a fi ń gbà pé èsì dúró. Ọ̀nà ló dí, kedere.

Ohun kan ṣì wà tí ẹ̀rọ yìí ò lè ṣe: afẹ́fẹ́ tó jáde nìkan ló ń kà. Tí ọ̀nà bá dí púpọ̀, afẹ́fẹ́ lè há sínú débi pé bí bàbá bá tiẹ̀ fẹ́ ẹ dópin, FVC á ṣì kéré. Nítorí náà FVC tó kéré nìkan ò tó láti ní ẹ̀dọ̀fóró kò gbà tó. TLC, àpapọ̀ afẹ́fẹ́ tó wà nínú nígbà tí ènìyàn bá mí sínú dé góńgó, ló ń yanjú rẹ̀. Inú àpótí onígíláàsì kan tí wọ́n ń ti ilẹ̀kùn rẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń jókòó sí kí wọ́n tó lè wọ̀n ọ́n. Tó bá jẹ́ kò gbà tó lóòótọ́, TLC á kéré. Tó bá jẹ́ afẹ́fẹ́ ló há sínú, TLC ò ní dín, ó tiẹ̀ lè pọ̀ jù.

Ẹ bá mi béèrè ojú ìwé tí wọ́n ya ilà sí, kì í ṣe nọ́ńbà nìkan. Nínú èyí tó fi lítà àti àkókò hàn, ẹ wo ìparí ilà. Tó bá ṣì ń gòkè nígbà tó gé, àyẹ̀wò yẹn ò pé, kí wọ́n tún un ṣe, kí ẹnì kan sì dúró ti bàbá. Nínú èkejì tó rí bí òkè ṣóńṣó, ẹ wo apá tó ń sọ̀ kalẹ̀: tó bá wọnú bí okùn tó dẹ̀, ọ̀nà ló dí, tó bá sọ̀ gbọnrangandan, tí gbogbo rẹ̀ sì tín-ín-rín, kò gbà tó lè jẹ́ tòótọ́. Tí ilà àkọ́kọ́ bá ti tẹ́ pẹrẹsẹ, tí ìpín sì ṣì wà ní 0.75, dókítà àkọ́kọ́ lẹ́jọ́ rò, TLC ló sì kàn.