“Kì í ṣe aṣọ lásán”: kí ló ń mú un dún bí ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ?

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́, mo kọ ọ̀rọ̀ ṣókí kan nípa àdìrẹ ọjà Ìtòkú ní Abẹ́òkúta. Ẹ̀gbọ́n mi kà á, ó ní ẹ̀rọ ló kọ ọ́, ó sì fọwọ́ kan ibi tí mo ti kọ “àdìrẹ kì í ṣe aṣọ lásán, ìtàn ìran wa ni.” Ṣé a kì í sọ bẹ́ẹ̀ ní Yorùbá ni?

Ìdáhùn: À ń sọ ọ́ dáadáa, àmọ́ ẹni tó bá sọ ọ́ ń dá ẹnì kan lóhùn ni. Bí mo bá ní “Kì í ṣe Èkó ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròhìn lọ́dún 1859, Abẹ́òkúta ni,” ọ̀rọ̀ náà lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, torí ẹni tí kò bá mọ ìtàn lè rò pé Èkó ni. Ta ló wá sọ fún yín pé aṣọ lásán ni àdìrẹ? Ní Ìtòkú níbẹ̀ yẹn? Ẹ̀yin lẹ gbé alátakò dìde, ẹ̀yin náà lẹ tún dá a. Ẹ̀rọ tó ń kọ̀wé fẹ́ràn ìjàkadì yìí púpọ̀, ó máa ń ṣe é ní ìpínrọ̀ kan tẹ̀lé òmíràn, ibẹ̀ ni òǹkàwé ti ń fura.

Ẹ fi ọwọ́ bo apá àkọ́kọ́, kí ẹ ka èyí tó kù: “ìtàn ìran wa ni.” Ìtàn wo? Kò sọ. Ìdí nìyẹn tí pípa “kì í ṣe” rẹ́ nìkan kò fi ní tó. Ẹ ní láti fi ohun tí ẹ mọ̀ dí àlàfo náà. Èmi ìbá kọ ọ́ báyìí: “Tí wọ́n bá fẹ́ ṣe àdìrẹ ẹlẹ́kọ, wọ́n á fi ẹ̀kọ láfún ya àwòrán sára aṣọ, wọ́n á jẹ́ kó gbẹ, wọ́n á wá rẹ ẹ́ sínú aró. Ibi tí ẹ̀kọ bò kò ní mu aró tó ìyókù, tí wọ́n bá sì fọ ẹ̀kọ kúrò, àwòrán á yọ.” Ẹni tó kà á á mọ ohun kan tí kò mọ̀ tẹ́lẹ̀.

Gbólóhùn “kì í ṣe… lásán” yìí tún máa ń pa aṣọ dà. “Ó kọjá aṣọ,” “ó ju ọjà lọ,” “yàtọ̀ sí pé ó rẹwà, ó tún…”: ọmọ ìyá kan náà ni gbogbo wọn. Ẹ tẹ Ctrl+F, kí ẹ wá “lásán”, “nìkan” àti “kì í ṣe”. Ẹ wá wọn láìsí àmì pẹ̀lú, torí ohun èlò míì kì í rí èyí tí kò ní àmì bí ẹ bá tẹ àmì.

Ẹ má kàn wá gbá gbogbo rẹ̀ dànù o. Bí ìyá oníṣòwò kan bá ní “ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ojú lásán,” ohun tó ń sọ yé gbogbo wa. Ẹ fi í sílẹ̀ bó ṣe wà.