Ọkọ àtijọ́ tún ń kí mi lórí fóònù lẹ́yìn ọdún kan: ṣé ó ti dá mi padà ni?

ÌBÉÈRÈ: Àsàlámù aleekun, Àáfà. Ọmọ wa wà ní oṣù mẹ́ta nígbà tí ọkọ mi kọ̀ mí sílẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló sì sọ ọ́. Láti ọjọ́ náà kò pè mí, kò ránṣẹ́, ó lé lọ́dún kan. Láìpẹ́ yìí ló bẹ̀rẹ̀ sí í fi "Ẹ kú Jímọ̀" ránṣẹ́ lórí Wásáàpù, ó ń béèrè ọmọ, ó tún ní òun rántí ọbẹ̀ ilá mi. Ọmọ ṣì ń mu ọmú. Nǹkan oṣù mi padà nígbà tí ọmọ pé oṣù mẹ́wàá, ó sì ń wá lóṣooṣù. Ẹnì kan ti wá tọrọ mi lọ́wọ́ bàbá mi. Àǹtí mi ní ọkọ mi ti dá mi padà, torí pé a kò dá sọ̀dáàkì rẹ̀ padà fún un. Àáfà kan ládùúgbò tẹ yanrìn, ó ní ọkàn rẹ̀ ti padà sọ́dọ̀ mi, kí n má fẹ́ ẹlòmíràn. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni iṣẹ́ tó ń rán yìí túmọ̀ sí?

ÌDÁHÙN: Wa aleekun sàlámù wa ráhmátúllàhi. Ọmọ mi, ọkùnrin náà kò dá ọ padà, ìwọ náà kì í sì í ṣe ìyàwó rẹ̀ mọ́. Tó bá fẹ́ ọ, àfi kó wá so yìgì tuntun, pẹ̀lú sọ̀dáàkì tuntun, wálíyì rẹ, ẹlẹ́rìí méjì, àti ìfẹ́ inú ìwọ fúnra rẹ.

Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí ìwọ àti gbogbo ẹni tó bá ka èsì yìí mọ ohun tó já okùn náà, torí àwọn kan á sọ fún ọ pé ọdún kan tó kọjá ló já a. Ọdún kan kọ́. Ọlọ́hun sọ nínú Súúrà Bákárà, áyà 228, pé kí àwọn obìnrin tí a kọ̀ sílẹ̀ dúró fún kúrúù mẹ́ta, pé àwọn ọkọ wọn ló sì lẹ́tọ̀ọ́ jù láti dá wọn padà láàárín ìgbà yẹn, bí wọ́n bá fẹ́ àtúnṣe. Ní mázíhábì Ìmáàmù Málíkì, èyí tí àwọn baba wa fi kọ́ wa nílẹ̀ yìí, kúrúù ni ìmọ́ tó wà láàárín ẹ̀jẹ̀ kan sí èkejì. Ọ̀rọ̀ ìyá wa Áíṣà nìyẹn, ó wà nínú Múwátà, ìwé Málíkì fúnra rẹ̀. Ìdúró yìí là ń pè ní opó yìgì, ara obìnrin ló sì ń kà á, kì í ṣe kàlẹ́ńdà. Oṣù mẹ́ta tí àwọn àáfà wa máa ń pè fún gbogbo obìnrin tó bá wá bá wọn, ti ẹni tí kò rí nǹkan oṣù nítorí ọjọ́ orí ni. Aláboyún sì wà títí tó fi máa bímọ. Ìyá ọmọ tó ń fọ́mọ lọ́mú tí nǹkan oṣù rẹ̀ kò tíì padà kò sí nínú àwọn méjèèjì. Yóò dúró de nǹkan oṣù rẹ̀, kódà kó pẹ́.

Ẹjọ́ irú èyí ti dé iwájú àwọn sàábé rí. Hàbáánù ọmọ Múnkísì ní ìyàwó méjì, ọ̀kan jẹ́ ará ilé Báánì Háṣímù, èkejì jẹ́ ọmọ Áńsárì. Ó kọ èyí tó jẹ́ ọmọ Áńsárì sílẹ̀ nígbà tó ń fọ́mọ lọ́mú. Ọdún kan kọjá, obìnrin náà kò rí nǹkan oṣù, ni Hàbáánù bá kú. Obìnrin náà ní òun máa jogún rẹ̀, torí pé òun kò tíì rí nǹkan oṣù. Wọ́n gbé ẹjọ́ náà dé ọ̀dọ̀ Hálífà Úsímáánù, ó sì dá ogún fún un. Nígbà tí ìyàwó tó jẹ́ ará ilé Báánì Háṣímù bínú, Úsímáánù fèsì fún un pé, "Ọmọ arákùnrin bàbá rẹ ló gbà wá nímọ̀ràn bẹ́ẹ̀." Álíyù ló ń wí. Ọdún kan ti kọjá lórí obìnrin yẹn, síbẹ̀ ìyàwó ni wọ́n kà á sí nídìí ogún. Nítorí náà, obìnrin tí ọkọ rẹ̀ bá dákẹ́ fún ọdún kan, tó ń fọ́mọ lọ́mú tí kò sì rí ẹ̀jẹ̀ kankan, kó má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni so yìgì fún òun. Irú yìgì bẹ́ẹ̀ á bàjẹ́, ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ sì wà lọ́rùn àáfà tó so ó láìbéèrè ọ̀rọ̀.

Ó dára tí o fi ọ̀rọ̀ nǹkan oṣù rẹ sínú ìbéèrè, àìtijú lórí ẹ̀sìn ló yẹ kó rí bẹ́ẹ̀. Jẹ́ kí a kà á. Nígbà tó kọ̀ ọ́ sílẹ̀, o ti mọ́ kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ. Ìmọ́ yẹn ni kúrúù àkọ́kọ́, ó sì gùn títí ọmọ fi pé oṣù mẹ́wàá tí ẹ̀jẹ̀ fi dé. Ìmọ́ tó tẹ̀lé ẹ̀jẹ̀ yẹn ni ìkejì. Ìmọ́ tó tẹ̀lé ẹ̀jẹ̀ oṣù kọkànlá ni ìkẹta. Nígbà tí o rí ẹ̀jẹ̀ lẹ́ẹ̀kẹta, tí ọmọ ń lọ sí ọdún kan, tó sì hàn pé ẹ̀jẹ̀ nǹkan oṣù gidi ni, opó yìgì rẹ parí. Àwọn ará Hánáfì tó ń ka ẹ̀jẹ̀ fúnra rẹ̀ á ní kó dúró títí ẹ̀jẹ̀ ìkẹta yẹn fi tán, ìyẹn ọjọ́ díẹ̀ sí i. Ọmọ ti lé ní oṣù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún báyìí. Fún bí oṣù mẹ́sàn-án ni ọkùnrin náà fi ní àǹfààní láti fi ọ̀rọ̀ ẹnu kan ṣoṣo dá ọ padà, láìní sọ̀dáàkì, láìbéèrè lọ́wọ́ bàbá rẹ. Kò lò ó. "Ẹ kú Jímọ̀" rẹ̀ dé lẹ́yìn tí ilẹ̀kùn yẹn ti padé.

Ká tilẹ̀ ní iṣẹ́ náà bọ́ sí àárín opó yìgì, kò tíì di dídá padà bẹ́ẹ̀. Lọ́dọ̀ Málíkì, ọkọ máa ń dá ìyàwó padà pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tàbí ìṣe tí ó ní èrò ìdápadà nínú. Ọkùnrin tó bá sún mọ́ ìyàwó tó kọ̀ láìní i lọ́kàn pé òun ń dá a padà, kò tíì dá a padà, ohun tó ṣe yẹn sì jẹ́ èèwọ̀. Bí ìbálòpọ̀ kò bá tó láìsí èrò, báwo ni ìkíni àti ìrántí ọbẹ̀ ilá ṣe máa tó? Bó bá sì wá sọ lónìí pé òun ti dá ọ padà lọ́kàn láti oṣù kẹjọ, a kò ní gbà á lẹ́nu rẹ̀ lásán. Ẹlẹ́rìí la máa béèrè, pé ó sọ ọ́ lójú wọn kí opó yìgì tó parí. Ìdí nìyí tí Súúrà Tàláákì, áyà 2, fi pàṣẹ pé kí a pe olódodo méjì ṣe ẹlẹ́rìí. Málíkì gba àṣẹ yẹn gẹ́gẹ́ bí ohun tó dára láti ṣe, kì í ṣe ọ̀ranyàn, àmọ́ ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ bá di àríyànjiyàn lọ́kùnrin máa ń mọ̀ pé ó yẹ kí òun ti ṣe é.

Ọ̀rọ̀ sọ̀dáàkì tí Àǹtí rẹ sọ, ìṣẹ̀dálẹ̀ ilé wa ni, kì í ṣe ẹ̀sìn. Láyé àtijọ́, wọ́n máa ń dá owó orí padà kí wọ́n tó gbà pé ìyàwó ti kúrò nílé ọkọ. Nínú Ìsìláàmù, obìnrin tó bá fúnra rẹ̀ béèrè ìyapa ló máa ń fi nǹkan ra ara rẹ̀ jáde. Ẹni tí ọkọ rẹ̀ kọ̀ sílẹ̀, tirẹ̀ ni sọ̀dáàkì rẹ̀. Súúrà Bákárà, áyà 229, sọ ọ́ kedere fún àwọn ọkọ pé kò tọ́ fún wọn láti gba nǹkan kan padà nínú ohun tí wọ́n ti fún àwọn obìnrin. Kí ẹ fi ọ̀wọ̀ sọ èyí fún Àǹtí, ìfẹ́ ló ń bá a jà.

Ti onítẹyanrìn yẹn, n kò ní fi ọ̀wọ̀ sọ ọ́. Ẹni tó wé láwàní, tó jókòó ti yanrìn, tó ń sọ ohun tó wà lọ́kàn ọkùnrin tí kò sí níwájú rẹ̀, ó ń pe ara rẹ̀ sí ìmọ̀ ohun ìkọ̀kọ̀ tó jẹ́ ti Ọlọ́hun nìkan. Ànábì wa, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, sọ pé ẹni tó bá lọ bá aláyẹ̀wò tó sì bi í ní nǹkan, ìrun rẹ̀ kò ní ìtẹ́wọ́gbà fún ogójì òru. Ìmáàmù Múslímù ló gbà á wá nínú ìwé hádíìsì rẹ̀. Má tún lọ mọ́, má san owó sàráà tó bù fún ọ, má sì mu hàńtú tó bá fún ọ láti fi fa ọkùnrin náà. Ìwọ tuúbà, kí o sì máa kí ìrun rẹ lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn tó ń gba owó láti bá ènìyàn ṣe ìsítíkáárà, tí wọ́n á wá ní àwọn lálàá báyìí báyìí. Àdúà ráka méjì tí Ànábì fi kọ́ àwọn sàábé ni, ìwọ fúnra rẹ lo máa ṣe é.

Ìtumọ̀ tí Ṣẹ̀ríà fún iṣẹ́ rẹ̀ ni pé ọkùnrin àjèjì kan ń kí ọ. Ọ̀rọ̀ ọmọ kò léèwọ̀: ọmọ tiẹ̀ ni, ó yẹ kó béèrè rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọbẹ̀ ilá ti kọjá ọ̀rọ̀ ọmọ. Má bá a dé ibẹ̀. Fèsì pé ara ọmọ yá, ohun tó bá ju ìyẹn lọ, kó lọ bá bàbá mi. Ọkùnrin tó ń fẹ́ yìgì á lọ. Ẹni tó ń wá ẹni tí yóò bá a sọ̀rọ̀ lóru kò ní lọ, ìgbà náà ni wàá sì mọ̀, láìtẹ yanrìn.

Tó bá lọ, kí bàbá rẹ má fi ìbínú lé e. Máákílì ọmọ Yásáàrì fún ọkùnrin kan ní àbúrò rẹ̀ obìnrin, ọkùnrin náà kọ̀ ọ́ sílẹ̀, ó fi í sílẹ̀ títí opó yìgì fi parí, ó tún padà wá tọrọ rẹ̀. Máákílì búra pé kò ní padà sọ́dọ̀ rẹ̀ láé. Obìnrin náà sì ń fẹ́ ẹ. Áyà 232 nínú Súúrà Bákárà bá sọ̀kalẹ̀ pé kí ẹ má dí wọn lọ́wọ́ láti fẹ́ àwọn ọkọ wọn, bí wọ́n bá fìmọ̀ ṣọ̀kan lọ́nà tó dára. Máákílì gbọ́, ó sì fi àbúrò rẹ̀ fún un. Ẹ̀tọ́ ìwọ obìnrin lèyí. Kò sọ ọ́ di dandan pé kí o gbà: tí ọkàn rẹ bá wà lọ́dọ̀ ẹni tó wá tọrọ rẹ, fẹ́ ẹ, kò sí gbèsè kankan tí o jẹ ọkọ àtijọ́. Níwọ̀n ìgbà tí o kò tíì fún ẹnikẹ́ni lésì, àwọn méjèèjì ló lè tọrọ. Ọjọ́ tí o bá ti gba ti ẹni yìí, tí ọ̀rọ̀ ti wọ̀ láàárín òun àti bàbá rẹ, ó di èèwọ̀ fún ọkọ àtijọ́ láti tún máa tọrọ lé e lórí. Ànábì kọ̀ ọ́ fún wa. Tó bá sì jẹ́ pé ọkọ àtijọ́ lo padà fẹ́, kí ẹ̀yin méjèèjì mọ̀ pé ìkọ̀sílẹ̀ ọjọ́sí kò parẹ́. Méjì péré ló kù lọ́wọ́ rẹ̀.

Ohun kan ló tún wà tí o kò béèrè, tó sì ń dùn mí. Fún ọdún kan gbáko, ta ló ń ra oúnjẹ àti aṣọ ọmọ yìí? Áyà 233 gbé ìjẹ àti aṣọ ìyá tó ń fọ́mọ lọ́mú lé bàbá ọmọ lọ́wọ́, bí agbára rẹ̀ bá ṣe mọ. Kí ọ̀rọ̀ yìgì kankan tó bẹ̀rẹ̀, kí bàbá rẹ pe àwọn ẹbí rẹ̀ jókòó, kí wọ́n sì bù iye tí yóò máa fún ọmọ lóṣooṣù, kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé.