T kì í ṣe t² lásán o

"Ẹ jọ̀ọ́, mo ṣírò ìmọ́lẹ̀ p láti afẹ́fẹ́ wọ gíláàsì 1.5 ní 56.3°, r jẹ́ 0, t jẹ́ 0.667, àmọ́ t² ò ju 0.444 lọ. Ibo ni èyí tó kù gbà lọ?"

Kò lọ síbì kankan jàre. Gíga ìgbì ni r àti t ń sọ, r fún èyí tó padà, t fún èyí tó wọlé, wọn ò tíì sọ agbára. Ti r rọrùn, r² ti tó, torí inú afẹ́fẹ́ kan náà ni ìmọ́lẹ̀ yẹn padà sí, igun kan náà ló sì fi padà. Èyí tó wọ gíláàsì ni wàhálà wà, n ti yàtọ̀, ìmọ́lẹ̀ ti tẹ̀ sí 33.7°, ó sì ti fẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, o gbọ́dọ̀ ka ìyẹn mọ́ ọn kí o tó rí T, ìpín agbára tó wọlé:

```
T = (n2 cosθt / (n1 cosθi)) t²
```

Tìẹ máa jẹ́ 1.5 × 0.832 ÷ 0.555, ìyẹn 2.25, fi sọ 0.444 di púpọ̀, 1 géérégé! Gbogbo ẹ̀ ló wọlé, igun Brewster lo kúkú wà.

Wá fi ìmọ́lẹ̀ s wò ó níbẹ̀ kan náà: r á jẹ́ -0.385 (mínọ́ọ̀sì yẹn kàn ní ìgbì dorí kodò ni), R, ìyẹn r², á jẹ́ 0.148, t 0.615, T 0.852. Tí iye tìẹ ò bá bá ìwọ̀nyí mu, yẹ kálíkúlétọ̀ ẹ wò bóyá rédíánì ló wà, èmi náà ti jìyà ẹ̀ rí.