Bí a ṣe ń kọ iṣẹ́ tí a pín sínú ímeèlì ẹ̀yìn ìpàdé

«Èmi ni mo máa ń kọ ímeèlì lẹ́yìn ìpàdé ọ́fíìsì wa. Bí mo bá dárúkọ ènìyàn, wọ́n á ní mo ń fẹ̀sùn kàn wọ́n. Bí mi ò bá dárúkọ, kò sẹ́ni tó máa ṣe iṣẹ́ náà. Báwo ni kí n ṣe kọ ọ́?»

Ẹ kú iṣẹ́. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ṣe akọ̀wé ìpàdé ní Òṣogbo níbí, ohun tí mo sì rí ni pé orúkọ kọ́ ló ń bí àwọn ènìyàn nínú. Ohun tó ń bí wọn nínú ni pé a máa ń kó ohun tí wọn kò tíì ṣe pọ̀ mọ́ ohun tí a fẹ́ kí wọ́n ṣe.

Ẹ wo gbólóhùn kan tó dá ìjà sílẹ̀ nígbà tí à ń múra ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún àwọn aránṣọ: «Gẹ́gẹ́ bí a ti sọ tẹ́lẹ̀, Àlàájà kò tíì mú iye owó ìwé wá, èyí ló sì dá iṣẹ́ dúró.» Ẹnìkan tún un kọ báyìí: «A ní láti tètè rí sí ọ̀rọ̀ ìwé.» Ìbínú rọlẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó mọ̀ pé òun ni «a» náà ń bá wí. Èyí tó ṣiṣẹ́ nìyí:

«Àlàájà yóò fi iye owó títẹ ìwé 50, láti ọ̀dọ̀ atẹ̀wé méjì, ránṣẹ́ sí akápò kí aago 12 ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ tó lù, kí akápò lè san owó lọ́jọ́ Ẹtì.»

Orúkọ wà níbẹ̀, àkókò náà wà níbẹ̀, ìdí tí a fi nílò rẹ̀ sì dúró síbi tí ẹ̀bi wà tẹ́lẹ̀. Bí iṣẹ́ méjì bá tẹ̀ lé ara wọn, ẹ tún orúkọ pè dípò «wọn», nítorí «wọn» tí a fi bọ̀wọ̀ fún àgbà lè dà bí ọ̀pọ̀ ènìyàn, tí oníkálùkù á sì máa wo ẹnìkejì. Bí ìdádúró bá ṣe pàtàkì láti mẹ́nu bà, ẹ jẹ́ kí iṣẹ́ ni gbólóhùn náà dá lé: «Iye owó ìwé ló kù.»

Ẹ má ṣe fi ọ̀gá tí kì í gba ímeèlì yìí tẹ́lẹ̀ kún àwọn tí ẹ ó fi ránṣẹ́ sí ní ọ̀sẹ̀ tí iṣẹ́ ẹnìkan pẹ́. Kò sí bí ọ̀rọ̀ ṣe lè tutù tó, ẹjọ́ ni ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ pẹ́ yóò kà á sí. Ẹni tí kò sì wá sí ìpàdé, ẹ pè é lórí fóònù kí ẹ tó kọ iṣẹ́ mọ́ ọn lórúkọ.

Bí Ọjọ́bọ̀ bá kọjá láìsí èsì, Àlàájà nìkan ni kí ẹ kọ̀wé sí: «Ẹ kú iṣẹ́, mà. Ọjọ́ wo ni kí n kọ sílẹ̀ fún iye owó ìwé, kí n lè sọ fún akápò?» Ọjọ́ tí Àlàájà fúnra wọn bá dá ni kí ẹ kọ sínú ímeèlì tó kàn.