Láti Kc dé Kp: 1.50 atm wo ni ìbéèrè náà ń sọ?

Ìbéèrè: Ẹ káàsán sà. Mò ń múra ìdánwò kẹ́mísìrì níbí ní Òṣogbo. Wọ́n ní Kc fún N₂O₄ ⇌ 2NO₂ jẹ́ 4.63 × 10⁻³ ní 25°C, àti pé àpapọ̀ ìfúnpá jẹ́ 1.50 atm nígbà tí gbogbo rẹ̀ ti dọ́gba. Kí n wá Kp àti ìfúnpá gáàsì kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ṣe é, ìdáhùn mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni mo rí. Níbo ni mo ti ṣìnà?

Ìdáhùn: Ní kíláàsì alẹ́ tí mo ń kọ́ ní Òkè-Fìà, ibi méjì ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti sábà máa ń ṣubú nínú irú ìṣirò yìí, ó sì jọ pé o ti kan méjèèjì.

Jẹ́ ká kọ́kọ́ mú Kp. Má kàn há fọ́múlà sórí, wo ibi tó ti wá. Ìfúnpá gáàsì kan ni iye móòlù rẹ̀ nínú líta kan, tí a fi RT sọ di púpọ̀. NO₂ méjì ló wà lápá ọ̀tún, nítorí náà RT yóò wọlé lẹ́ẹ̀mejì lókè. N₂O₄ kan ló wà lápá òsì, RT kan ni yóò wọlé nísàlẹ̀. Ọ̀kan pa ọ̀kan, ọ̀kan ṣẹ́kù lókè. Ohun tí Δn ń sọ kò ju ìyẹn lọ: móòlù gáàsì tó jáde, yọ móòlù gáàsì tí a fi bẹ̀rẹ̀. Gáàsì nìkan la ń kà o. Bí òkúta ẹfun, CaCO₃, bá ń jóná di CaO àti CO₂, CO₂ nìkan la ó kà, Δn á sì jẹ́ 1.

Kp = Kc(RT)^Δn
Kp = 4.63 × 10⁻³ × 0.0821 × 298 = 0.113

Wo 298 yẹn dáadáa. Ẹni tó bá fi 25 síbẹ̀ yóò rí nǹkan bí 0.0095, ẹ̀rọ ìṣirò kò sì ní bá a wí. Kélífìn ni T gbọ́dọ̀ jẹ́. R náà gbọ́dọ̀ bá ìfúnpá rẹ mu: 0.0821 ni ti atm. Tí o bá lo 8.314, 11.5 lo máa rí, kò sì burú, ṣùgbọ́n kPa ni ìyẹn, o kò lè gbé e pàdé 1.50 atm. Mo fura pé ibí ni ọ̀kan nínú ìdáhùn mẹ́ta rẹ ti wá.

Ibi kejì ló le jù. Àpapọ̀ ìfúnpá tí wọ́n fún ọ jẹ́ ti ìgbà tí ìyípadà ti dọ́gba, kì í ṣe ti ìbẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, má wulẹ̀ ya tábìlì ìbẹ̀rẹ̀, ìyípadà àti òpin. Gáàsì méjì péré ló wà nínú ìgò náà, àwọn méjèèjì ló pín 1.50 láàárín ara wọn. Pe ti NO₂ ní x, ti N₂O₄ á di 1.50 − x.

x² ÷ (1.50 − x) = 0.113
x² + 0.113x − 0.1695 = 0

Fọ́múlà kuadirátíìkì yóò fún ọ ní èsì méjì. Ọ̀kan jẹ́ òdì, ìfúnpá kì í sì í jẹ́ òdì, jù ú nù. Èkejì ni x = 0.359 atm, ti NO₂ nìyẹn. Ti N₂O₄ jẹ́ 1.50 − 0.359, ìyẹn 1.141 atm. Dá wọn padà sínú Kp kí o tó kọ ìdáhùn sílẹ̀: 0.359 lọ́nà 0.359 jẹ́ 0.129, pín in sí 1.141, 0.113 ló padà dé.

Wá fi wé ìbéèrè tó bá sọ pé N₂O₄ nìkan ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, ní 1.50 atm. Níbẹ̀ ni tábìlì ti wúlò. Bí y bá kúrò lára N₂O₄, NO₂ á jẹ́ 2y, nítorí ẹyọ kan ń pín sí méjì:

(2y)² ÷ (1.50 − y) = 0.113

Èyí fún wa ní y = 0.192. NO₂ á jẹ́ 0.384, N₂O₄ á jẹ́ 1.308, àpapọ̀ wọn á sì di 1.692 atm. Ó ju 1.50 lọ, bó sì ṣe yẹ kó rí nìyẹn, nítorí móòlù gáàsì ti pọ̀ sí i nínú ìgò tí kò fẹ̀ sí i. Tí àpapọ̀ ìfúnpá tìrẹ bá jáde ní 1.692 nígbà tí ìbéèrè sọ pé àpapọ̀ jẹ́ 1.50, ìbéèrè ẹlòmíràn lo ti dáhùn.