Ráàmù 3200 tó ń kọ 1596: bí DDR ṣe ń lo ìgòkè àti ìsọ̀kalẹ̀ kílọ́ọ̀kù

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ra ráàmù DDR4 méjì fún dẹ́sítọ́ọ̀pù mi, 3200 ni wọ́n kọ sára ẹ̀, àmọ́ CPU-Z, ètò tí mo fi ń wo inú ẹ̀rọ, ń kọ 1596 MHz. Ẹni tó tà á ní bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa ń rí. Ṣé wọn ò rẹ́ mi jẹ báyìí? Èkejì, mo fi wọ́n sí ihò méjì tó sún mọ́ sípíyù jù, láti ìgbà tí mo ti tan XMP, ètò tó ń mú ráàmù sáré dé iye tí wọ́n kọ sára ẹ̀, ẹ̀rọ yẹn máa ń dá dúró lójijì, nígbà míì síkírìnì á di búlúù. Tí mo bá gbé e wá sí 2666, kò sí wàhálà kankan. Kí ló fà á?

Ìdáhùn: Wọn ò rẹ́ ẹ jẹ, àbúrò. Kílọ́ọ̀kù ni CPU-Z ń kà, iye ìgbà tí dátà ń kọjá ni wọ́n kọ sára ráàmù, àwọn méjèèjì ló sì ń sọ òótọ́. Ìlọ́po méjì 1600 ni 3200. Pé ó jẹ́ 1596 kò túmọ̀ sí nǹkan kan, kílọ́ọ̀kù ìpìlẹ̀ tó wà lórí mọ́dábọ́ọ̀dù ẹ ni kò pé 100 géérégé, bíi 99.8 ló máa jẹ́, ìlọ́po 16 ẹ̀ ló jáde yẹn. Tó bá jẹ́ 1066 lo rí níbẹ̀, ìgbà yẹn ni mi ò bá sọ pé XMP ò tíì ṣiṣẹ́, torí 2133 nìyẹn. Tó o bá fẹ́ rí 3200 gan-an, tẹ èyí sínú PowerShell:

```
Get-CimInstance Win32_PhysicalMemory | Select Speed, ConfiguredClockSpeed
```

Ìbéèrè ẹ kejì ló wù mí kí n jókòó tì, torí ohun tó sọ 1600 di 3200 náà ló ń dá ẹ̀rọ ẹ dúró.

Kílọ́ọ̀kù ò ju iná tó ń gòkè tó tún ń sọ̀kalẹ̀ lórí wáyà lọ. Láyé ráàmù SDRAM àtijọ́, ìgbà tó bá gòkè nìkan ni wọ́n máa ń gba dátà, ìsọ̀kalẹ̀ ẹ̀ kàn ń kọjá lọ lásán ni. Tó o bá wò ó dáadáa, wàá rí i pé wáyà kílọ́ọ̀kù ń yí padà lẹ́ẹ̀mejì kí wáyà dátà tó yí padà lẹ́ẹ̀kan, kílọ́ọ̀kù ló wá ń ṣe wàhálà jù nínú gbogbo wáyà tó wà níbẹ̀. Èrò tó bí DDR ni pé tí wáyà kan bá lè gbé ìyípadà tó yá tó yẹn, wáyà dátà náà lè gbé e. Wọ́n wá ń gba bíìtì kan nígbà tí kílọ́ọ̀kù bá gòkè, wọ́n tún ń gba òmíràn nígbà tó bá sọ̀kalẹ̀, dátà di ìlọ́po méjì láìfi kún kílọ́ọ̀kù. Ọdún 2000 ni JEDEC, ẹgbẹ́ tó ń ṣe ìlànà ráàmù, gbé ìlànà àkọ́kọ́ ẹ̀ jáde, DDR4 tó wà lọ́wọ́ ẹ yìí ò sì kúrò lórí ẹ̀.

Àmọ́ àyè tí bíìtì kọ̀ọ̀kan ní ti dín kù sí ìdajì. Kílọ́ọ̀kù 1600 MHz, ìgòkè kan sí ìgòkè tó tẹ̀ lé e jẹ́ píkósẹ́kọ̀ndì 625. Tó bá jẹ́ ìgòkè nìkan la ń lò, bíìtì kan ló máa ní gbogbo 625 yẹn. Ní báyìí tí a ń lo méjèèjì, 312.5 péré ló kan bíìtì kọ̀ọ̀kan, láàárín ìwọ̀nba yẹn ló ti máa dé, tó máa fìdí kalẹ̀, tí wọ́n máa kà á, kí òmíràn tó gba ipò ẹ̀.

Nǹkan kan tún wà níbẹ̀ tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í rò. Ronú ibi tí èèyàn méjì ti ń gún iyán nínú odó kan ṣoṣo, tí ẹnì kan wá ń ti iṣu sí i. Tó bá jẹ́ ẹnì kan ló ń gún un, ẹni tó ń ti iṣu mọ iye àsìkò tó ní láàárín ọmọ odó kan sí èkejì, ó máa ń dọ́gba ni. Tí ẹnì kejì bá dara pọ̀, àsìkò yẹn pín sí méjì, tí ẹnì kejì ò bá wá bọ́ sí àárín gan-an, àlàfo kan á gùn, ìkejì ẹ̀ á kúrú, inú èyí tó kúrú ni ọmọ odó ti máa gún lọ́wọ́. Bí kílọ́ọ̀kù ṣe rí nìyẹn. Ìgòkè sí ìgòkè rọrùn láti mú dọ́gba, àmọ́ kí ìsọ̀kalẹ̀ bọ́ sí àárín wọn géérégé ló le. Tó bá wà lókè fún ìdá 52 nínú ọgọ́rùn-ún, tó wà nísàlẹ̀ fún 48, bíìtì kan á ní 325, èyí tó tẹ̀ lé e á ní 300. Ráàmù àtijọ́ ò tiẹ̀ ní mọ̀ pé nǹkan kan ṣe é, torí kì í wo ìsọ̀kalẹ̀. DDR ló ń san owó yẹn, èyí tó kúrú la sì gbọ́dọ̀ fi ṣe ìṣirò, torí bíìtì kan ṣoṣo tó bá bàjẹ́ ti tó láti dá ẹ̀rọ dúró. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń fi wáyà méjì gbé kílọ́ọ̀kù, tí ọ̀kan bá ń gòkè èkejì ń sọ̀kalẹ̀, ibi tí àwọn méjèèjì ti pàdé ni wọ́n ń kà, ibi ìpàdé yẹn sì jọra yálà kílọ́ọ̀kù ń lọ sókè ni àbí sísàlẹ̀.

Jẹ́ ká wá bọ́ sórí mọ́dábọ́ọ̀dù. Iná ń rìn bíi sẹ̀ńtímítà 15 nínú nánósẹ́kọ̀ndì kan lórí bọ́ọ̀dù, ìyẹn ni pé láàárín 312.5 yẹn kò tíì rìn tó sẹ̀ńtímítà 5. Láti sípíyù dé ihò ráàmù sábà máa ń jìn jùyẹn lọ, bíìtì àkọ́kọ́ ò tíì dé ibi tó ń lọ tí ìkejì ti gbéra, méjèèjì á jọ wà lórí wáyà kan náà lẹ́ẹ̀kan. Torí ẹ̀, sípíyù ò lè fi kílọ́ọ̀kù tiẹ̀ mọ ìgbà tí dátà máa dé láti ọ̀dọ̀ ráàmù. Ẹni tó bá ń fi dátà ránṣẹ́ ló máa ń fi àmì kan tẹ̀ lé e, DQS ni wọ́n ń pe àmì yẹn, òun náà ń gòkè ó ń sọ̀kalẹ̀ bíi kílọ́ọ̀kù, wọ́n jọ ń rìn ọ̀nà kan náà ni kí wọ́n lè jọ dé. Tó o bá ṣí ẹ̀rọ ẹ, wo wáyà tín-ín-rín tó jáde lábẹ́ sípíyù lọ sí ihò ráàmù, wàá rí i pé àwọn kan ń lọ́ bí ejò. Wọ́n dìídì lọ́ wọn ni kí gígùn wọn lè bára mu, torí mílímítà 3 tó bá lé lórí ọ̀kan ti jẹ bíi píkósẹ́kọ̀ndì 20.

Ó ku bí wọ́n ṣe ń fi àmì yẹn sí àárín bíìtì. Tó o bá ti tan ẹ̀rọ, kó tó gbé nǹkan kan sójú síkírìnì, kọntirólà tó wà nínú sípíyù á kọ dátà tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ sínú ráàmù, á máa kà á padà, á máa sún àmì yẹn díẹ̀díẹ̀ títí tó fi máa rí ibi tí kíkà ti bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́ lápá òsì àti lápá ọ̀tún, á wá jókòó sí àárín méjèèjì. Ìyẹn ló ń fà á tí ẹ̀rọ fi máa ń pẹ́ kó tó tàn tó o bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ráàmù tuntun sí i.

Ó ti wá kan ẹ̀rọ tìẹ. Màá lo nọ́ńbà àpẹẹrẹ, kì í ṣe pé mo wọn ẹ̀rọ ẹ. Ká sọ pé ìsọ̀kalẹ̀ tí ò bọ́ sí àárín ti sọ 312.5 di 300. Gígùn wáyà jẹ 20. Kílọ́ọ̀kù fúnra ẹ̀ máa ń gbọ̀n díẹ̀, lẹ́ẹ̀kan ó yá jù, lẹ́ẹ̀kan ó pẹ́ jù, ìyẹn jẹ 60. Ẹni tó ń ka bíìtì náà nílò kó dúró jẹ́ẹ́ fún bíi 72 kó tó lè kà á. Ó ku 148, ìyẹn 74 lápá òsì, 74 lápá ọ̀tún.

Níbi tó o wá fi ráàmù sí ni nǹkan ti yí padà. Lórí ọ̀pọ̀lọpọ̀ mọ́dábọ́ọ̀dù tó ní ihò mẹ́rin, ihò méjì tó sún mọ́ sípíyù jù jọ ń pín wáyà kan náà ni, ihò méjì yòókù pín wáyà mìíràn. Dátà tó ń lọ sí ọ̀kan á kọ́kọ́ kan èkejì lọ́nà, apá kan nínú iná yẹn á ta padà, á wá kọlu bíìtì tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Ká ní ó jẹ 90. Nínú 148, ó ṣẹ́ ku 58, ìyẹn 29 lápá kọ̀ọ̀kan. Tí ráàmù bá gbóná díẹ̀ nígbà tó o ń ṣe géèmù, tí ọwọ́ iná bá yẹ̀ díẹ̀, 29 yẹn á tán, bíìtì kan á di òdìkejì ẹ̀, síkírìnì á di búlúù.

Gbé e wá sí 2666 kó o wá wò ó. Àyè bíìtì kọ̀ọ̀kan á di 375, ìsọ̀kalẹ̀ tí ò bọ́ sí àárín á sọ ọ́ di 360. Àmọ́ 20, 60, 72 àti 90 yẹn ò fi bẹ́ẹ̀ yí padà, torí wáyà ò kúrú sí i, ihò ò sì kúrò níbi tó wà. Ó ku 118, ìyẹn 59 lápá kọ̀ọ̀kan, ìlọ́po méjì ohun tó o ní tẹ́lẹ̀. Ìdá kan nínú mẹ́fà péré lo yọ nínú eré ẹ̀ o.

Pa iná ẹ̀rọ yẹn pátápátá, yọ okùn iná lára ògiri, kó o gbé ráàmù méjèèjì lọ sí ihò kejì àti ìkẹrin, tó o bá kà á láti ọ̀dọ̀ sípíyù wá. Wo ìwé mọ́dábọ́ọ̀dù ẹ kó dá ẹ lójú, A2 àti B2 ni wọ́n sábà ń kọ síbẹ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan á ní wáyà tiẹ̀, èyí tó pọ̀ jù nínú 90 yẹn á lọ, dátà á sì tún máa gba ọ̀nà méjì dípò ẹyọ kan, ohun tó o ti ń pàdánù látìgbà yìí nìyẹn. Tan XMP padà, wọ inú BIOS, wò bóyá fọ́líteèjì ẹ̀ bá èyí tí wọ́n kọ sára ráàmù mu, 1.35 ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń fẹ́ fún 3200, tó bá ṣì wà lórí 1.2 ó lè má tó. Lẹ́yìn náà fi MemTest86, ètò tó ń yẹ ráàmù wò, sáré lé e mọ́jú.

Tó bá ṣì ń yọ ẹ́rọ̀, wo àdírẹ́ẹ̀sì tó ń kọ síbẹ̀. Tí àdírẹ́ẹ̀sì ń yí kiri, tí ẹ́rọ̀ sì ń parẹ́ pátápátá tó o bá dín eré kù, àyè ló ń há, 2933 ni màá kọ́kọ́ gbìyànjú kí n tó padà sí 2666. Àmọ́ tó bá jẹ́ àdírẹ́ẹ̀sì kan náà ló ń yọ ní gbogbo ìgbà, tó ṣì ń yọ ní 2133, ibì kan ti kú nínú ráàmù yẹn. Dán wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan kó o mọ èyí tó bàjẹ́, kó o wá dá a padà fún ẹni tó tà á fún ẹ.